Òdo lókè, òdo nísàlẹ̀

Ẹ wo ìṣirò yìí: (1 − cos x) / x². Bí x bá ń kéré sí i títí tó fi kù díẹ̀ kó di òdo, iye wo ni èsì rẹ̀ ń sún mọ́? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a fi òdo rọ́pò x lójú ẹsẹ̀. Kósáìnì òdo jẹ́ 1, nítorí náà òkè di òdo, ìsàlẹ̀ náà di òdo. Àwọn kan á ní òdo ni èsì, àwọn mìíràn á ní 1 ni. Kò sí èyí tó tọ̀nà. Òdo lórí òdo kì í ṣe èsì rárá. Ńṣe ló ń sọ pé ká tún ìṣirò náà kọ lọ́nà mìíràn.

Ohun kan wà tá a lè gbára lé: sin x / x ń sún mọ́ 1. Ẹ ya òbíríkítí tí ìwọ̀n àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ 1, kí ẹ sì ya igun tín-ín-rín kan láti àárín. x ni gígùn etí òbíríkítí tí igun náà gé. Sin x ni gíga ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ tààrà láti òpin etí yẹn sórí ìlà ìsàlẹ̀ igun náà. Bí igun ṣe ń kéré sí i ni gígùn méjèèjì ń bára dọ́gba. Bí x bá jẹ́ 0.1, sáìnì rẹ̀ ti jẹ́ 0.09983.

Ṣùgbọ́n kò sí sáìnì kankan nínú ìṣirò wa, kósáìnì ló wà níbẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyí. Ẹ fi 1 + cos x sọ òkè di púpọ̀, kí ẹ sì fi í sọ ìsàlẹ̀ náà di púpọ̀. Iye ìdá náà kò yí padà. Òkè á di 1 − cos² x. Ìdọ́gba sin² x + cos² x = 1 sì jẹ́ ká mọ̀ pé sin² x nìyẹn. Sáìnì ti yọjú:

```
(sin x / x)² · 1 / (1 + cos x)
```

Apá àkọ́kọ́ ń lọ sí 1. Ìsàlẹ̀ apá kejì ń lọ sí 1 + 1, ìyẹn 2. Ìdajì ni èsì.

Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò: 0.1 á fún yín ní nǹkan bí 0.4996. Àmọ́ bí ẹ bá fi 0.000000001 sínú ìṣirò àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á kọ òdo, torí pé kósáìnì rẹ̀ sún mọ́ 1 débi pé ẹ̀rọ náà kà á sí 1 gan-an. Ẹ wá fi iye kan náà sínú èyí tá a tún kọ, 0.5 ló máa jáde.

Rédíánì ni gbogbo èyí ń lò o. Bí ẹ bá rí nǹkan bí 0.000152 dípò ìdajì, dígírì ni wọ́n fi ẹ̀rọ yín sí, nítorí nínú dígírì, π/180 ni sin x / x ń sún mọ́, kì í ṣe 1.