Ọtí Tó Ṣáájú Ìròyìn Oyún
Obìnrin kan mu ìgò bíà méjì níbi ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ìtọ̀ fi hàn pé ó ti lóyún, àyà rẹ̀ sì já. Nọ́ọ̀sì ní kó fọkàn balẹ̀: ẹni tó mu díẹ̀ kó tó mọ̀, tó sì jáwọ́ lójú ẹsẹ̀, ewu ọmọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ti ẹni tó ń mu àmupara ló yàtọ̀.

Kí ló wá dé tí dókítà fi ní ká má fẹnu kàn án rárá? Ọtí ń gba inú ibi ọmọ kọjá, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì lágbára láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Jálẹ̀ oyún ni ọpọlọ ọmọ ń dàgbà, a kò sì tíì rí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí lòun náà o.