Èló ni ọ́, kí ni orúkọ rẹ, níbo ni wọ́n ti bí ọ? Ìbéèrè mẹ́ta tí aṣọ́bodè ń bi léèsì

Ẹni tó bá dúró ní Ẹnu Ọ̀wá, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànràn, kò sì jìnnà sí ìsọ̀ àwọn aláṣọ ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó, ọba ló ń gba owó lórí ọjà tó ń gba ọ̀sà kọjá. Nígbà tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó fi ìlú lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé wọn yóò máa san owó fún un lọ́dọọdún, iye tó bá ohun tó ń wọlé fún un tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Láti ìgbà náà ni owó ibodè Èkó ti bọ́ lọ́wọ́ ààfin tó sì di ti ìjọba.

Lónìí, Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà ló ń gbà á, òfin ọdún 2023 sì ló ń darí wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jà gbà pé ojú ni wọ́n fi ń wo oníṣòwò kí wọ́n tó dá iye lé e. Lábẹ́ òfin, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi ẹrù: èló ni wọ́n rà á, kí ni orúkọ rẹ̀, níbo ni wọ́n ti ṣe é? Ẹ jẹ́ ká fi léèsì wò ó, nítorí pé òun ni aṣọ tí Ìsàlẹ̀ Èkó fi ń ṣe ayẹyẹ.

Ká ní obìnrin kan tó ní ìsọ̀ ní Ìdúmọ̀tà ra léèsì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan ní Lustenau, lórílẹ̀-èdè Austria, ìlú tí ọ̀pọ̀ léèsì ilẹ̀ wa ti ń wá. Dọ́là 20,000 ló san fún ọjà. Ọkọ̀ ojú omi gba 1,600, ìṣùràǹsì gba 400. Aṣọ́bodè kò ní wo owó ọjà nìkan; gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò rò pọ̀ dé etí òkun wa, ìyẹn dọ́là 22,000. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, iye ẹrù náà jẹ́ mílíọ̀nù 33 náírà. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ti sọ pé iye dọ́là ọjọ́ tí oníṣòwò ṣí Fọ́ọ̀mù M ní báńkì ni wọn yóò lò, kì í ṣe ti ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀.

Iye tí òfin ń wá ni iye tí wọ́n san gan-an tàbí tí wọn yóò san. Bí ìyá aláṣọ bá sanwó fún ayàwòrán kan ní Vienna láti ya àwòrán òdòdó tí iléeṣẹ́ yóò gún sára aṣọ, owó ayàwòrán náà wọnú iye ẹrù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Èkó níbí ni wọ́n ti ya àwòrán ọ̀hún, kò wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí, wọ́n sì ń san ohun tí kò yẹ kí wọ́n san.

Ìbéèrè kejì ni orúkọ. Káàkiri ayé, nọ́mbà mẹ́fà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọjà lórúkọ, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì lè fi tirẹ̀ kún un. Ibí yìí ni èdè ọjà ti ń ya kúrò lára èdè ìwé. Ohun tí àwa ń pè ní léèsì, aṣọ tí ẹ̀rọ fi òwú gún ọnà sí ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìwé aṣọ́bodè, aṣọ tí wọ́n gún ọnà sí wà ní 58.10, léèsì gidi, tí wọ́n ta bí àwọ̀n, wà ní 58.04. Kódà, léèsì olókùn tí kò ní aṣọ nídìí, tó jọ àwọ̀n pátápátá, 58.10 náà ló wà, nítorí pé ara aṣọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gún un kí wọ́n tó fi oògùn yọ aṣọ náà kúrò. Bí wọ́n bá rán wúràwúrà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ, ọnà gígún ni òfin ka ìyẹn náà sí.

Láti ọdún 2015 ni Nàìjíríà ti ń lo ìwé owó ibodè kan náà pẹ̀lú àwọn ará ECOWAS yòókù. Ìpele márùn-ún ló ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba wa sì máa ń fi àwọn owó mìíràn lé e. Ká mú 20 fún léèsì tiwa ní àpẹẹrẹ: owó ibodè rẹ̀ yóò jẹ́ mílíọ̀nù 6.6 náírà. Bí ajẹ́ǹtì bá fi orúkọ ohun èlò iléeṣẹ́ tó wà ní ìpele 10 pè é, yóò já sí mílíọ̀nù 3.3. Kò sì tán síbẹ̀, torí pé lórí iye ẹrù àti owó ibodè náà ni wọ́n tún ń ka VAT, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Orúkọ kan tí wọ́n ṣì pè, ibi méjì ló ti ń dín owó kù.

Ìbéèrè kẹta ni ilé ọmọ. Ibi tí a ti ra ọjà kọ́ ni wọ́n ń béèrè, ibi tí wọ́n ti ṣe é ni. Nígbà tí ìjọba fi òfin de léèsì láyé ọjọ́un, ọ̀nà Kùtọnu ló ń gbà wọlé, títí dòní sì ni àwọn kan rò pé ọjà tó bá ti gba Kùtọnu ti di ọjà Benin, kò yẹ kó sanwó mọ́. Irọ́ ni. Ètò òwò ECOWAS yọ̀ǹda kí ọjà àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS kọjá láìsan owó ibodè, ṣùgbọ́n kí ọjà iléeṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ilé, ó gbọ́dọ̀ ti kúrò ní orúkọ nọ́mbà mẹ́rin kan bọ́ sí òmíràn, tàbí kí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i nílẹ̀ ECOWAS tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀. Gígé, kíká àti dídì kò sọ ọ́ di ọmọ ilé. Léèsì Austria tí wọ́n gé ní márùn-ún márùn-ún yáàdì ní Kùtọnu, ọmọ Austria ṣì ni. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ kan níbẹ̀ bá fi rán búláòsì, orúkọ rẹ̀ ti yí padà kúrò ní 58.10, ó sì lè di ọmọ Benin, bí iléeṣẹ́ náà bá ti gba àṣẹ lábẹ́ ètò náà tó sì ní ìwé ẹ̀rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà nìyí: ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so mọ́ra. Owó ibodè léèsì Austria àti ti Ṣáínà kò yàtọ̀ níhìn-ín; ìpele kan náà ni. Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ń purọ́ ilé ọmọ? Nítorí iye ni. Bí ìyá aláṣọ bá kọ 8,000 sínú ìwé dípò 20,000, aṣọ́bodè lè ṣiyèméjì kó sì béèrè ẹ̀rí owó tí báńkì fi ránṣẹ́. Bí kò bá rí i, òfin àgbáyé ní kó wo iye irú ọjà kan náà, lẹ́yìn náà èyí tó jọ ọ́, tí ẹlòmíràn kó wọlé nígbà kan náà. Ọjà tó wá láti orílẹ̀-èdè kan náà nìkan ló lè bá a dọ́gba. Ẹni tó fẹ́ kí 8,000 jóòótọ́ gbọ́dọ̀ wá pe ọmọ Austria ní ọmọ Ṣáínà, kí wọ́n lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì olówó pọ́ọ́kú.

Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Ìwé tó ń sọ iye àti ilé ọmọ, ìwé kan ṣoṣo ni lọ́dọ̀ wa, aṣọ́bodè yóò sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ọkọ̀. Ọkọ̀ tó gbẹ́rù ní Hamburg kò ní kọ Ningbo. Etí aṣọ ń sọ̀rọ̀, àkọlé ara páálí ń sọ̀rọ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2013, aṣọ́bodè fúnra wọn ló ń yẹ àwọn ìwé yìí wò kí wọ́n tó gbé PAAR jáde, ìwé tó ń sọ iye tí oníṣòwò yóò san.

Òótọ́ ni pé aṣọ́bodè náà lè ṣì í. Wọn kò láṣẹ láti fi iye tó kéré jù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ de ẹnikẹ́ni, oníṣòwò sì lè ní kí wọ́n fi ìwé sọ ìdí tí wọn kò fi gba iye rẹ̀ fún òun. Òfin ọdún 2023 tún fún un láyè láti béèrè ìdájọ́ ṣáájú, kí aṣọ́bodè sọ orúkọ tàbí ilé ẹrù kí ẹrù tó gbéra. Ẹ̀yin aláṣọ Ìdúmọ̀tà, ẹ fi gígé kan nínú léèsì náà ránṣẹ́ sí aṣọ́bodè kí ẹ tó ṣí Fọ́ọ̀mù M. Ẹrù tó bá ti wọ pọ́ọ̀tù, ojoojúmọ́ ló ń jẹ owó ìdúró.