Ìbejì, Ìgò Kan, Òṣùwọ̀n Méjì

Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ni ọmọ máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú áyọ́ọ̀nù tí yóò fi ṣe ẹ̀jẹ̀ sára. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò ráyè kó tirẹ̀ jọ, áyọ́ọ̀nù inú ọmú ìyá kò sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ọmú ló ń mu, máa gba mìlígíráàmù 2 sí 4 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, láti ọ̀sẹ̀ méjì títí di oṣù mẹ́fà.

Ká mú ìbejì kan tí wọ́n tètè dé, tí wọ́n ti pé oṣù mẹ́rin. Táyé wọn kílò 4.5, Kẹ́hìndé wọn 6. Dókítà kọ mìlígíráàmù 2 fún kílò kan: 9 ni ti Táyé, 12 ni ti Kẹ́hìndé. Ìgò wọn ní mìlígíráàmù 15 nínú mìlílítà kan, nítorí náà Táyé yóò gba mìlílítà 0.6, Kẹ́hìndé 0.8. Aṣọ ìbejì lè dọ́gba, oògùn wọn kò gbọdọ̀ dọ́gba tí ìwọ̀n wọn kò bá dọ́gba. Bí wọ́n bá sì ṣe ń sanra ni a ó máa tún un ṣírò.

Ara ìgò lè mú ojú ṣì. Ó lè kọ fẹ́rọ́ọ̀sì sọ́ọ́fétì 75, kó tún kọ áyọ́ọ̀nù 15; 15 yẹn ni a fi ń ṣírò. Tí ìgò tuntun bá jẹ́ 25 fún mìlílítà kan, 0.8 ti Kẹ́hìndé ti di mìlígíráàmù 20 nìyẹn.

Àárín ọmú kan sí èkejì ló dára jù. Ẹ rọra ro ó sí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó má baà dúdú sí eyín tó ń yọ. Ìgbẹ́ ọmọ yóò dúdú. Kì í ṣe àìsàn. Tí ẹ bá gbàgbé lónìí, ẹ má fi ti òní kún ti ọ̀la.

Ẹ̀gbọ́n wọn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù: ọmọ ọdún méjì, kílò 12, tó mọ̀ pé oògùn yẹn dùn. Tó bá gbé ìgò mìlílítà 50 mu tán, mìlígíráàmù 750 ló mu, ó lé ní 62 fún kílò kan. Láti 60 lọ sókè, ó lè pa ọmọ. Láàárín wákàtí mẹ́fà, yóò máa bì, yóò máa yàgbẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó ti balẹ̀, ilé á sì máa dúpẹ́, nígbà tí áyọ́ọ̀nù ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Epo lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà tí kò tíì bì. Oògùn tó ń di áyọ́ọ̀nù mú wà tí wọ́n ń fà sí iṣan. Ẹ mú ìgò náà dání pẹ̀lú ìyókù tó wà nínú rẹ̀, torí òun ni dókítà yóò fi ṣírò iye tó ti wọlé.