Owó Tí Báńkì Dè Mọ́lẹ̀ Kò Tíì Kúrò Nílé

Ẹni tó bá ń fi káàdì ra epo ọkọ̀ nídìí ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà lè bá irú èyí pàdé: epo dọ́là 42 ló rà, àmọ́ dọ́là 175 ló rí lórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú lè ké gbàjarè pé wọ́n ti jí òun lówó. Wọn ò jí i.

Ẹ̀rọ epo kò lè mọ iye tí ẹ máa rà kí epo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ki káàdì bọ̀ ọ́, ó máa bi báńkì yín léèrè bóyá owó yín tó iye kan. Báńkì á fọwọ́ sí i, á fún un ní nọ́ńbà àṣẹ, á sì de iye náà mọ́lẹ̀ kí ẹ má baà ná an síbòmíràn. Dọ́là 125 ni Visa àti Mastercard fi ṣòdiwọ̀n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí epo gbówó lórí ní 2022, wọ́n gbé e dé 175. Nígbà tí báńkì bá de owó náà, onílé epo kò tíì gba nǹkan kan. Ẹ̀yìn tí ẹ bá rà tán ló máa tó fi iye gidi ránṣẹ́, ìyẹn 42, òun sì ni báńkì máa san.

Ẹ jẹ́ ká ní dọ́là 240 ló wà nínú àpò yín. Bí ìdè bá ti wọlé, ẹ ó rí "Pending" lára rẹ̀. "Current balance" á ṣì jẹ́ 240, àmọ́ "Available balance" á já sí 65. Bí ẹ bá lọ ra oúnjẹ dọ́là 80, káàdì á kọ̀, bẹ́ẹ̀ owó yín ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni èyí ń ni lára jù, ó sì ń bí mi nínú pé ọ̀pọ̀ ilé epo kì í kọ ọ́ síbi tí èèyàn á ti tètè rí i.

Bí 42 bá dé, ó yẹ kí báńkì tú ìdè, kí méjèèjì di 198. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà àṣẹ kò bá bára mu, báńkì lè kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìdè náà ṣì wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan. "Available balance" á wá di 23, á dà bíi pé wọ́n gba owó lẹ́ẹ̀mejì. "Current balance" ni kí ẹ wò: bí ó bá ṣì jẹ́ 198, 42 nìkan ló jáde. Bí ẹ bá rí 42 méjì tí wọ́n kọ "Posted" sí lára, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lẹ ra epo, ẹ pe báńkì lórí ìyẹn. Ní ti ìdè, wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ dúró, àyàfi bí onílé epo bá fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n tú u.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n de owó òun lè wọlé lọ bá akọ̀wé owó, kó sọ pé epo 40 lòun fẹ́. Iye yẹn nìkan ni wọ́n á béèrè lọ́wọ́ báńkì.