Ìwé Tí Nọ́ọ̀sì Kò Gbọ́dọ̀ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbé

Sátífíkéètì tí nọ́ọ̀sì gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ kọ́ ni wọ́n máa fi ṣe ìpinnu nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni iye wákàtí tó fi jókòó ní kíláàsì, iye wákàtí tó fi dúró ní wọ́ọ̀dù, àti irú aláìsàn tó tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu òun fúnra rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń há fún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa, kì í ṣe ibi ìdánwò.

Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, òfin wọn ò sì dọ́gba. Ìgbìmọ̀ tó wà ní Tẹ́sáàsì kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, nítorí náà ó máa ń gbé àyẹ̀wò náà fún àjọ tó mọ̀ nípa rẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni CGFNS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, tó fi Filadẹ́fíà ṣe ibùjókòó. Láti 2025 ló ti ń jẹ́ TruMerit, àmọ́ orúkọ àtijọ́ ni àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ń pè é. Àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ni wọ́n ń pè ní CES Professional Report.

Ká sọ pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Bọ́láńlé. Ó lo ọdún mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó yege nínú ìdánwò Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà, ó sì ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní ọsibítù ìjọba. Ìpínlẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mú, kó tó san kọ́bọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é sódì: wọ́n á sanwó àyẹ̀wò tán kí wọ́n tó wá mọ̀ pé oríṣi mìíràn ni ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń lọ ń gbà. Ní Nú Yọ́ọ̀kì, fún àpẹẹrẹ, iṣẹ́ àjọ náà kò ju kó gba ìwé jọ kó sì rí i pé ojúlówó ni. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wọn ẹ̀kọ́ náà. Bọ́láńlé mú Tẹ́sáàsì, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé.

Lẹ́yìn tó forúkọ sílẹ̀, fọ́ọ̀mù méjì ló máa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, èkejì ń lọ sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà. Ilé ẹ̀kọ́ á kọ gbogbo ohun tó kọ́ àti wákàtí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ tààrà. Ìgbìmọ̀ náà á jẹ́rìí pé láísẹ́ǹsì rẹ̀ wà láàyè àti pé kò sí ẹjọ́ kankan lọ́rùn rẹ̀. Bí Bọ́láńlé bá lọ gba àpò ìwé yìí nílé ẹ̀kọ́, tó sì fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kódà bí kò bá tú u, asán ni. Wọn ò ní kà á kún.

Ìbéèrè tí àwọn tó ń yẹ ìwé náà wò kọ́kọ́ máa ń bi ara wọn ni pé, ṣé nọ́ọ̀sì gbogbogbòò lẹni yìí? Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ agbẹ̀bí nìkan ló kọ́, tàbí ìtọ́jú àrùn ọpọlọ nìkan, ìwé rẹ̀ kò ní gbé e dé ipò nọ́ọ̀sì RN, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á wá yẹ ẹ̀ka mẹ́rin wò: ìtọ́jú àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn tàbí tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú aláboyún àti ìkókó, ìtọ́jú ọmọdé, àti ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Wọ́n ń wá ẹ̀kọ́ kíláàsì àti iṣẹ́ wọ́ọ̀dù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún Bọ́láńlé, ìtọ́jú ọmọdé ló dà á láàmú. Ó lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, ṣùgbọ́n akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ kọ máàkì rẹ̀ nìkan, kò kọ wákàtí kankan. Lójú ẹni tó jókòó ní Filadẹ́fíà, ohun tí kò sí nínú ìwé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn lọ bá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ kí ìwé tó kúrò níbẹ̀, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pín wákàtí náà sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ pé kí wọ́n fi wákàtí tí kò sí kún un o. Bí èyí bá lu síta, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà bà jẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Orúkọ tún wà níbẹ̀. Bọ́láńlé ti lọ́kọ, orúkọ ọkọ ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà nílé ẹ̀kọ́. Ìwé ìgbéyàwó ló máa so méjèèjì pọ̀. Láìsí i, ènìyàn méjì ni wọ́n á kà á sí.

Ní ti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì nílé, nǹkan yí padà ní 2024. Ní oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì tó péye kò lè ní kí wọ́n jẹ́rìí sí òun fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn, inú sì ń bí wọn gidi. Ó yé mi pé ìjọba fẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣẹ́ kù sí ọsibítù wa, àmọ́ ìwé ẹ̀rí òtítọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n fi de ènìyàn mọ́lẹ̀.

Bí ìwé bá pé, àbọ̀ á lọ sí Tẹ́sáàsì. Kò ní sọ pé Bọ́láńlé yege tàbí pé ó já. Yóò kàn sọ ohun tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá dọ́gba ní Amẹ́ríkà ni, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ á sì pinnu bóyá ó lè jókòó fún ìdánwò NCLEX-RN. Bí ẹ̀ka kan bá ṣe aláìpé lóòótọ́, wọ́n lè ní kó lọ kọ́ ọ tiyàrá-ti-wọ́ọ̀dù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í fẹ́ fi ààyè wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Kalifọ́níà tún le sí i. Òfin wọn ní kí ẹ̀kọ́ kíláàsì àti iṣẹ́ wọ́ọ̀dù lórí ẹ̀ka kan máa lọ pọ̀ lásìkò kan náà. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì láti Fílípíìnì ni wọ́n ti tìtorí èyí dá padà. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n ti ń kó kíláàsì sí oṣù kan, kí wọ́n tó rán ọmọ lọ sí wọ́ọ̀dù ní oṣù mìíràn, ó yẹ kéèyàn yẹ ọjọ́ tó wà nínú tíránsíkírípítì wò dáadáa kó tó kọ̀wé síbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kì í ka wákàtí báyìí. Wọ́n á rí i pé ojúlówó nọ́ọ̀sì ni ọ́, wọ́n á sì fi ìdánwò kọ̀ǹpútà àti ìdánwò ìfọwọ́ṣe tí wọ́n ń pè ní OSCE dán ọ wò.

Bọ́láńlé yege NCLEX, ó sì rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì kọ́ ni físà. Òfin ìwọ̀lú tí wọ́n ṣe ní 1996 tún ń béèrè ìwé mìíràn, VisaScreen, tí àjọ kan náà lè ṣe fún un. Wọ́n á tún wo ẹ̀kọ́ rẹ̀, láísẹ́ǹsì rẹ̀, NCLEX rẹ̀ àti èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ìwé náà ń lò kó tó kú, nítorí náà ẹni tí ọ̀rọ̀ físà rẹ̀ ṣì jìnnà kò ní láti kánjú gbà á.