Ímeèlì Tó Ń Gbé Ìwé Kúkúrú Lọ Bá Ìgbìmọ̀

Ìwé ètò ilé-iṣẹ́ lè gùn tó ọgọ́ta ojú ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Inú mọ́tò ni ẹlòmíràn ti ń ka ìwé ìpàdé lórí fóònù. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá fi ń gé e kúrú. Ó wá dùn mí pé ímeèlì tó ń gbé ìwé kúkúrú náà lọ kì í ju "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìwé tí a fi ránṣẹ́" lọ.

Ká ní ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn fẹ́ dé Abẹ́òkúta. Ìwé ńlá rẹ̀ jẹ́ ojú ìwé 64, èyí tí wọ́n gé jẹ́ 6. Ímeèlì tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ rèé:

"Alága wa, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, a kí yín. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìpàdé yìí ni pé kí ẹ fọwọ́ sí mílíọ̀nù 180 náírà fún ilé búrẹ́dì Abẹ́òkúta: mílíọ̀nù 110 láti báńkì, mílíọ̀nù 70 láti àpò wa. A retí pé owó náà yóò padà wọlé lọ́dún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun bá fi ìdá kan nínú márùn-ún wọ́n sí i, ó lè di ọdún márùn-ún. Ìṣirò rẹ̀ wà ní ojú ìwé 41 nínú ìwé ńlá. A yọ ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ àti ìpolówó kúrò nínú ìwé kúkúrú. Wọ́n wà ní ojú ìwé 48 sí 57. Ìwé méjèèjì ni a fi ránṣẹ́."

Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣùgbọ́n" yẹn ni mo kà sí pàtàkì jù. Nígbà tí a bá ń gé ìwé, èrè kì í sọnù. "Bí" àti "àfi" ló máa ń bọ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ á wá fọwọ́ sí ọdún mẹ́ta láìmọ̀ pé orí iye owó ìyẹ̀fun ló dúró lé.

Àléébù kejì ni kí iye owó má bára mu, torí pé ẹnì kan tún ìwé ńlá ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti gé èyí kúkúrú. Kí ẹni tí kò kọ ọ́ mú bírò, kó wá gbogbo iye tó wà nínú ímeèlì lọ sínú ìwé méjèèjì. Èyí tí kò bá rí, kí wọ́n tún un ṣe kó tó jáde.

Òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2020 fi ọjọ́ 14 sílẹ̀ fún ìfilọ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀, àyàfi bí ìlànà ilé-iṣẹ́ bá sọ ohun mìíràn. Bí iye kan bá yí padà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kọ ímeèlì tuntun, kó sọ ní ìlà àkọ́kọ́ iye tó wà tẹ́lẹ̀, èyí tó dà báyìí, àti ohun tó fà á.