Lẹ́tà Àlàyé sí Alábòójútó: Nígbà tí Iye Aṣojú nínú Ìwádìí bá Dín Kù

Aṣojú nínú ìwádìí ni àwọn ènìyàn díẹ̀ tí a yàn láti inú ọ̀pọ̀, kí ìdáhùn wọn lè dúró fún ti gbogbo wọn. Bí iye tí alábòójútó ti fọwọ́ sí bá dín kù, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ lẹ́tà àlàyé. Kò yẹ kí lẹ́tà náà sọ iye tí ó dín nìkan; ó gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tí ó dín pẹ̀lú.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ mọ bí ẹ̀ka-èdè ilé ṣe ń hàn nínú àròkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà àti Bùnú. Owé ni wọ́n ń sọ ní ìlú Kàbà. Ẹ̀ka-èdè Bùnú wà lọ́tọ̀. Ká ní 800 ni gbogbo ọmọ náà: 560 ní Kàbà, 240 ní àwọn abúlé Bùnú. Akẹ́kọ̀ọ́ lo ìlànà Yamane, ó sì fi àṣìṣe 0.05 sí i:

n = N / (1 + N × e²)

Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 267, èyí tí ó pín sí 187 fún Kàbà àti 80 fún Bùnú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà Bùnú di eléwu nítorí àwọn ajínigbé.

Ìdánwò tí ó kọ́kọ́ dé ni kí ó fi ọmọ Kàbà 80 dí àlàfo náà. Iye yóò pé, ṣùgbọ́n ọmọ Owé kò lè ṣojú fún ọmọ Bùnú. Ohun tí ó tọ́ ni kí ìwádìí fi Kàbà mọ, kí N sì di 560. Aṣojú 187 yóò wá fún un ní àṣìṣe bí 0.06. Bí ó bá fẹ́ di 0.05 mú, 233 ni yóò nílò, ìyẹn ni pé yóò fi 46 kún un ní Kàbà.

Lẹ́tà náà lè lọ báyìí:

"Olùkọ́ mi àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Aṣojú 267 tí ẹ fọwọ́ sí ti di 187. Gbogbo 80 tí ó dín jẹ́ ti Bùnú, nítorí ewu ojú ọ̀nà. N kò tí ì ka ìdáhùn kankan kí n tó ṣe ìpinnu yìí. Mo tọrọ àyè láti yọ Bùnú kúrò nínú àkọlé, kí n má sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ nínú àbájáde."

Gbólóhùn nípa kíka ìdáhùn ṣe kókó. Ẹni tí ó dá iṣẹ́ dúró lẹ́yìn tí ó rí àbájáde tí ó wù ú ti yí ìwádìí po. Alábòójútó lè yẹ èyí wò nípa fífi ọjọ́ tí a kọ lẹ́tà wé ọjọ́ tí a gba ìwé ìbéèrè. Bí àkọlé bá sì ṣì ń dárúkọ Bùnú nígbà tí tábìlì kò ní ọmọ Bùnú kankan, lẹ́tà náà kò tí ì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.